Èsúsú Níwájú Olùdókòwò

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó máa ń dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tó ń wá owó ìdókòwò. Nígbà tí olùdókòwò bá béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ iléeṣẹ́ yín ní orúkọ yìí?", kí ni èèyàn ń dá a lóhùn? Mo lè kó ogún orúkọ kalẹ̀ kí n máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mú ohunkóhun délé nínú ìyẹn. Orúkọ kan ni mo mú wá. Nínú ilé wa ló ti jáde, òkè òkun ló sì ti lọ pa owó.

Iléeṣẹ́ kan wà ní Niú Yọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ Esusu. Èèyàn méjì ló dá a sílẹ̀ ní 2018: Wẹ̀mímọ́ Abbey, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Èkó, àti Samir Goel, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí kúrò ní Íńdíà wá sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn olùdókòwò kó mílíọ̀nù 130 dọ́là lé wọn lọ́wọ́. SoftBank Vision Fund 2 ló ṣíwájú wọn, wọ́n sì díye lé iléeṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò le láti sọ. Wọ́n ń gba àkọsílẹ̀ owó ilé tí ayálégbé ń san lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń pa ìtàn gbèsè àwọn ará Amẹ́ríkà mọ́, ìyẹn Equifax, Experian àti TransUnion, kí ó lè wúlò fún ayálégbé náà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yá owó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò tíì dárúkọ èsúsú nínú iṣẹ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń dá owó jọ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kó o. Onílé ń gba owó ilé rẹ̀ bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Báwo wá ni orúkọ ṣe bá iṣẹ́ mu? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, torí ẹni tó bá lè dáhùn rẹ̀ dáadáa níwájú olówó ti ṣe ohun tó ju kí ó ṣàlàyé orúkọ lọ.

Ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wẹ̀mímọ́ Abbey ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun nígbà tí òun àti ìyá òun dé Minnesota. Wọ́n nílò owó, wọ́n lọ sí báǹkì, báǹkì ní àwọn ò mọ̀ wọ́n rí. Wọn kò ní àkọsílẹ̀ gbèsè kankan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ olówó èlé ni wọ́n padà lọ, èlé tó lé ní ìdá 400 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Wọ́n ta òrùka ìgbéyàwó bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé, wọ́n sì yá owó lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ. Ìtàn yìí máa ń mú kí yàrá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i, àánú kì í mú kí olùdókòwò fọwọ́ síwèé. Orúkọ ló sọ ìtàn ẹnì kan di ìtàn ọjà, èsúsú sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa fúnra wa kì í kíyè sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní èèyàn mẹ́wàá kó ara wọn jọ, tí oníkálukú ń dá ₦30,000 lóṣooṣù. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦300,000 ni yóò pé, ẹnì kan ni yóò sì kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́wàá bá pé, ₦300,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti san, ₦300,000 náà ló ti kó. Kò sí èrè, kò sí òfò. Ẹni tó bá wò ó látòkèèrè á ní ìfowópamọ́ lásán ni.

Ẹ wá wò ó lóṣù dé oṣù. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti gba ₦300,000 nígbà tó jẹ́ pé ₦30,000 péré ló tíì san. ₦270,000 tó kù, gbèsè ni, gbèsè tí kò ní èlé, tí yóò fi oṣù mẹ́sàn-án san. Ẹni tó kó ṣìkarùn-ún ti san ₦150,000, ó sì jẹ ₦150,000. Ẹni tó kó kẹ́yìn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òun ló ti ń yá àwọn yòókù lówó láti oṣù kìíní. Nínú èsúsú kan náà, àwọn kan jẹ́ ayánilówó, àwọn kan jẹ́ ajigbèsè, ipò tí wọ́n wà nínú títò ló sì fi hàn.

Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe kókó jù nínú èsúsú ni pé: ta ni yóò kọ́kọ́ kó? Ká ní ẹnì kan sá lọ lẹ́yìn oṣù kẹta. Bó bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ kó ni, ₦90,000 ló ti san, ₦300,000 ló ti gbé. ₦210,000 àwọn ẹlòmíràn ló bá a lọ. Bó bá sì jẹ́ ẹni tí wọ́n fi sí ipò kẹwàá, kò tíì kó ohunkóhun, ₦90,000 tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ti kó. Olórí èsúsú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ìṣirò yìí láìfi bírò kọ ọ́. Ìdí nìyí tí kì í fi ẹni tuntun síwájú. Ẹni tuntun á kó kẹ́yìn ní ìyípo àkọ́kọ́. Bó bá san án pé, tí kò sì pẹ́, ìyípo kejì lè gbé e sí àárín. Nígbà tó bá di ìyípo kẹta, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì, ó lè bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó, wọ́n á sì gbà fún un. Ipò rẹ̀ nínú títò ni máàkì rẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ibi gbogbo kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ gègé, ẹni tí gègé bá mú ni yóò kó. Àwọn kan ń tẹ̀lé bí ìnáwó ṣe ń yọjú sí kálukú. Níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé, ìgbà tí wọ́n ń yan ẹni tí wọ́n á gbà wọlé ni wọ́n ti ṣe ìdíwọ̀n wọn, kí gègé tó dé rárá.

Ní 1952, William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ti wá ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ṣáájú ogun àgbáyé kejì, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú. Nínú àkọlé rẹ̀, kò pè é ní ètò ìfowópamọ́. Ètò ìyánilówó àwọn Yorùbá ló pè é. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń wá owó fi ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn, torí òun ni èrèdí orúkọ náà. Ẹni tó bá gbọ́ èsúsú, tó sì rò pé owó tí a tọ́jú ni, yóò máa wò ó pé kí ni ó kan owó ilé. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó tí a yá ẹni tó ń san lásìkò ni, kò ní béèrè mọ́.

Èyí náà ló fà á tí mi ò fi ní gbà bí ẹnì kan bá ní àjọ ì bá ti ṣe iṣẹ́ kan náà. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe méjèèjì ní àjọ. Ṣùgbọ́n alájọ tó ń yí ọjà ká lójoojúmọ́, tó ń sàmì sí káàdì, tó ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ ló ń bá ọ tọ́jú. Ọ̀dọ̀ alájọ ni ìgbẹ́kẹ̀lé ń lọ. Ìwọ ló yẹ kó o bẹ̀rù pé kó má sá lọ, òun kò ní kí ó bẹ̀rù rẹ. Nínú èsúsú, àwọn tó ń san ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Iléeṣẹ́ tó bá pe ara rẹ̀ ní Àjọ ń sọ fún olùdókòwò pé, "Àwọn èèyàn gbà wá gbọ́." Èyí tó bá pe ara rẹ̀ ní Èsúsú ń sọ pé, "A mọ ẹni tó ṣeé gbà gbọ́." Ọ̀rọ̀ kejì ni àwọn tó ń yáni lówó ń fi owó wá kiri.

Ẹ wá gbọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń mọ ẹni tó ṣeé gbà gbọ́. Máàkì ni wọ́n ń fún àgbàlagbà. Èyí tí ọ̀pọ̀ ayánilówó ń lò, tí iléeṣẹ́ FICO ń ṣírò, máa ń wà láàárín 300 sí 850, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì wá láti inú bí èèyàn ṣe ń san gbèsè rẹ̀ lásìkò. Ẹni tó ń san owó ilé tó ra lórí gbèsè báǹkì ń gba máàkì lóṣooṣù. Ẹni tó yá ilé gbé, tó ń san owó ilé lásìkò fún ọdún mẹ́wàá, kì í sábà gba nǹkan kan lórí rẹ̀, torí onílé kì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni pé ó san. Nǹkan yìí dùn mí. Owó ilé ni owó tó tóbi jù tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń san lóṣù, òun náà ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí wọ́n ní, ẹ̀rí náà sì ń dà nù.

Ẹ rí i báyìí pé ohun kan náà ni. Ẹni tó ń dá ₦30,000 lásìkò ń gun orí títò nínú èsúsú. Ẹni tó ń san owó ilé lásìkò yẹ kó máa gun orí títò níbòmíràn. Áàpù tí wọ́n fi ń dá èsúsú gan-an ni àwọn Esusu kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó yà sídìí owó ilé. Nígbà tí iṣẹ́ yí padà, orúkọ kò yí, kò sì di irọ́.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ló ń là á já bẹ́ẹ̀. Ẹ wo PiggyVest tiwa níbí. Ní ìparí 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló onígi rẹ̀ sí Twitter, kóló tó ti ń fi ₦1,000 sí lójoojúmọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ kan rí i, Ọdúnayọ̀ Ewéníyì wà lára wọn, wọ́n sì ṣe kóló orí fóònù. Piggybank ni wọ́n sọ ọ́ ní 2016, kóló gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ọmọdé gbọ́ ọ, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi owó dókòwò níbẹ̀, kóló kò gbà á mọ́. Ní 2019, wọ́n yí i sí PiggyVest. Mi ò bá wọn wí. Nǹkan tí a lè fọwọ́ kàn ni wọ́n fi sọ iléeṣẹ́ wọn lórúkọ, nǹkan náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ìwọ náà bá fẹ́ fi ohun tó o ń tà lónìí sọ iléeṣẹ́ rẹ lórúkọ, ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sọ fún olówó rẹ pé o mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí wàá yí i padà, kí o sì mọ iye tí ìyípadà náà yóò ná ọ.

Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ọ̀dọ́ tó bá wá bá mi ni pé, ilé wo lẹ wò? Ṣé ohun tó wà nínú ilé ni, tàbí ìwà àwọn tó ń gbé ibẹ̀?

Ó yá, báwo ni a ṣe máa sọ ọ́ nínú yàrá? Mo kọ àpẹẹrẹ kan sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ fún ìjókòó yìí, bí mo ṣe máa kọ́ ẹni tó fẹ́ dá irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lónìí:

"Orúkọ wa ni Èsúsú. Nílẹ̀ Yorùbá, èsúsú ni kí àwọn tó mọ ara wọn máa dá owó jọ, kí ẹnì kan sì máa kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń san lásìkò ni wọ́n ń jẹ́ kó kó ṣáájú. Àwọn ará Trinidad tó wà ní Brooklyn ń pè é ní susu, àwọn ará Jàmáíkà ní pardner, àwọn ará Mẹ́síkò ní tanda. Gbogbo wọn ni wọ́n ti ń san owó fún ara wọn lásìkò, báǹkì ni kò rí wọn. Owó ilé ni ẹ̀rí tó tóbi jù tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní lóṣooṣù. À ń gbé ẹ̀rí náà lọ síbi tí báǹkì ti lè kà á. Nítorí orúkọ tí à ń jẹ́, owó tí a bá fi ran ayálégbé lọ́wọ́ nígbà ìṣòro kò ní èlé."

Ẹni tí kò kánjú lè sọ ọ́ tán ní ìṣẹ́jú kan. Mi ò fi í ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí olówó bá ti gbọ́ ìṣòro náà ni orúkọ tó ń wọlé, torí kó tó mọ ìṣòro, orúkọ àjèjì lásán ni. Gbólóhùn tó mẹ́nu kan Trinidad àti Mẹ́síkò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń sọ bí ọjà náà ṣe tóbi tó, pé ìwà tí iléeṣẹ́ yìí gbára lé ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí iléeṣẹ́ tó dé. Susu ti Trinidad, ọmọ èsúsú wa ni. Ó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba orí omi lọ. Àwọn ará Bahama ń pe tiwọn ní asue, àwọn ará Siẹrá Léóònù ní osusu. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló wọ́n jù, torí ìlérí ni. Àwọn Esusu tó wà ní Niú Yọ́ọ̀kì ní owó ìrànwọ́ kan tí wọ́n ń yá ayálégbé tí nǹkan dojú rú fún láìgba èlé. Ká ní wọ́n ń gba èlé orí rẹ̀ ni, orúkọ wọn ì bá máa jẹ́rìí takò wọ́n lójoojúmọ́ lójú gbogbo Yorùbá tó bá gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n olùdókòwò kì í gba orúkọ bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan nígbà kan tó lọ bá àwọn olówó. Orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ jọ mọ́ ọ̀rọ̀ dídá owó jọ bákan náà. Ó lo ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko lórí ìyá rẹ̀ àgbà àti ọjà tó ń ná. Ọ̀rọ̀ náà dùn, omi lé ròrò lójú èmi gan-an. Nígbà tó parí, ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Nínú ètò ìyá àgbà yìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá san?" Ọmọ náà kò mọ̀. Kò béèrè rí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì pè é padà. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi àṣà wa sọ iléeṣẹ́ lórúkọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i nínú èsúsú? Olórí á kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀. Á béèrè bóyá àìsàn ni, bóyá ọjà ni kò yá. Nígbà mìíràn olórí á fi owó tirẹ̀ dí i fún oṣù náà. Bí ó bá wá hàn pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tàn ká ọjà, ẹgbẹ́ kankan kò sì ní gbà á mọ́. Ẹ ò rí i pé ìtọ́sọ́nà iṣẹ́ ti wà nínú orúkọ? Iléeṣẹ́ tó ń kéde owó ilé gbọ́dọ̀ pinnu bóyá èyí tó wọlé lásìkò nìkan ni yóò kéde, tàbí èyí tó pẹ́ náà. Bó bá ń jẹ́ Èsúsú, a gbọ́dọ̀ lọ sílé ayálégbé ná, kí a tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ níbikíbi.

Ìbéèrè kejì máa ń jẹ́ ti ẹnu: ṣé àwọn oníbàárà lè pè é? Níbí, oríire bá àwọn tó yan orúkọ náà. Kò sí gb nínú rẹ̀, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ọ̀rọ̀ oní-sílébù mẹ́ta ni, ara Minnesota lè pè é ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kà á. Àmì ohùn á sọnù, àmọ́ ẹnu ṣì lè pè é. Ẹ ronú wò ká ní oríṣi kúkúrú rẹ̀ ni wọ́n mú, èésú, tí àwọn kan ń pè ní èsú. Ẹ bọ́ àmì kúrò lórí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹ wo ohun tí Kristẹni Yorùbá yóò kà. Èṣù ni yóò kà, orúkọ Sátánì sì nìyẹn nínú Bíbélì rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ará ìjọ ṣòwò kò gbọ́dọ̀ ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kọ orúkọ yín láìsí àmì kankan, kí ẹ fi han ẹni mẹ́wàá tí kò gbọ́ ọ rí, kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ti òfin, òun ni àwọn ọ̀dọ́ wa kì í múra fún. Olówó á ní: ṣé orúkọ yìí lè jẹ́ ti yín nìkan? Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ Yorùbá, tí àwọn òyìnbó kò gbọ́ ọ, ó ti di tiwọn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ ọjà sílẹ̀ níbẹ̀ ní èdè mìíràn gbọ́dọ̀ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì lè fi ìtumọ̀ náà ṣèdájọ́ bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó kàn ń sọ ohun tí ẹ ń tà kò lágbára lábẹ́ òfin, torí ẹ ò lè gba àkàrà lẹ́nu gbogbo alákàrà. Orúkọ tó ń tọ́ka sí nǹkan láti ẹ̀gbẹ́, tí èèyàn ní láti ronú díẹ̀ kó tó mọ bó ṣe kàn án, ló ń rí ààbò. Òfin àmì ọjà ti Nàìjíríà, tó ti wà láti 1965, ń tẹ̀ sí ọ̀nà kan náà.

Ẹ wá fi èsúsú wọn ọ́n. Áàpù tí èèyàn fi ń dá èsúsú, tó sì ń jẹ́ Èsúsú, àkàrà tó ń jẹ́ Àkàrà nìyẹn. Iṣẹ́ kíkéde owó ilé tó ń jẹ́ Èsúsú, ó di àfiwé. Bí iṣẹ́ ṣe ń jìnnà sí ohun tí orúkọ ń pè ni òfin ń sún mọ́ orúkọ náà. Inú mi dùn sí òfin yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi. Èsúsú kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan. Ti àwọn obìnrin tó ń dá a ní Dùgbẹ̀ àti Ọjà Ọba ni, ti àwọn tó gbé e gba orí òkun ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣeé yá lò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè fi ìwé lọ́yà lé wọn kúrò lórí rẹ̀.

Àfiwé náà ní owó tirẹ̀ tí a ń san. Onílé kan ní Ohio tí kò gbọ́ èsúsú rí kò ní mọ ohun tí ẹ ń tà látinú orúkọ. Ẹ wo àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ yìí ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: esusurent.com. Owó ilé ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Orúkọ ṣe apá tirẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn kí oníbàárà má bàa ṣìnà.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló le jù. Olówó tó gbọ́n á wò yín lójú, á ní: "Bí èsúsú bá ń díwọ̀n èèyàn dáadáa báyìí, kí ni wọ́n ń fi yín ṣe?"

Ẹ má dá a lóhùn pé fóònù yára ju ìwé lọ. Ẹ sọ fún un pé máàkì inú èsúsú kì í kúrò ládùúgbò. Obìnrin tó ti ń dá èsúsú fún ogún ọdún ní Mushin, tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó wá kọ́kọ́ kó, tó bá gúnlẹ̀ sí Minneapolis lónìí, kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ ipò tó wà nínú títò. Ogún ọdún náà dúró sí Mushin. Ẹ sì sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un, kí orúkọ má ṣèlérí ju ohun tí ẹ lè ṣe lọ. Ẹ ò lè mú ogún ọdún náà wá fún obìnrin yìí. Owó ilé tó bá san láti oní lọ ni ẹ lè bá a gbé. FICO 9 àti FICO 10 ń ka owó ilé tí wọ́n bá kéde, ṣùgbọ́n FICO 8, tí ọ̀pọ̀ ayánilówó ṣì ń lò, kì í kà á. FICO kì í sì fún ẹnikẹ́ni ní máàkì àfi kí ó ní ó kéré tán ìtàn ìsanwó kan tó ti pé oṣù mẹ́fà.

Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun nínú èsúsú, ẹ̀yìn ni obìnrin náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Á san ti oṣù kìíní, á san ti ìkejì, ẹ̀yin á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lóṣù keje, báǹkì tó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí á tẹ orúkọ rẹ̀, á sì rí oṣù mẹ́fà tó san pé.